Ìhòòhò àbí àdádúró? Lórí ‘lọ’ inú ‘Adé lọ’

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ jọ̀ọ́, mo pe ‘lọ’ inú ‘Adé lọ’ ní ọ̀rọ̀-ìṣe ìhòòhò nínú iṣẹ́ tí mò ń kọ, torí kò sí ń, ti tàbí yóò níwájú rẹ̀. Kí ló dé tí ‘Adé lọ’ fi jẹ́ ti àná, tí ‘Adé ga’ sì jẹ́ ti òní?

Àgbà Ọ̀yọ́: Ọmọ mi, orúkọ tí o sọ ọ́ yẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ẹni tó yẹ kó wọṣọ tí kò wọ̀ ọ́ là ń pè ní oníhòòhò. Ta ló sọ fún ọ pé ‘lọ’ yẹ kó wọ nǹkan kan? Ìtumọ̀ rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́. Lílọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ lásán, odidi rẹ̀ la dárúkọ, odidi nǹkan tó lópin kò sì lè há sínú ìṣẹ́jú tí a fi ń la ẹnu. Ẹ̀yìn ló máa bọ́ sí. Gíga kò ní òpin tirẹ̀; ìgbàkígbà tí o bá wò ó, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Wo ‘fẹ́’. ‘Adé fẹ́ omi’: òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ báyìí. ‘Adé fẹ́ Bọ́lá ní 2010’: ìyàwó ti wọlé. Ohùn kan náà, lẹ́tà kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ipò tó wà, èkejì jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì parí. Fi ń sí i, ‘Adé ń fẹ́ Bọ́lá’, a mọ̀ pé wọn kò tíì ṣègbéyàwó. Àdádúró ni kí o pe ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò sí irú ń bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀.

Elétí Ohùn: Bàbá, ẹ má bínú, ẹ ò gbọ́ ohùn. Ta ní ń sọ ‘ọmọ lọ’? ‘Ọmọ́ lọ’ là ń sọ; ohùn òkè bọ́ sórí ‘mọ’. Ẹ fi kò sí i, ‘ọmọ kò lọ’, ó pòórá. Ẹ fi yóò sí i, ó pòórá. Ohùn òkè yẹn gan-an ni atọ́ka àsìkò tó ti kọjá.

Àgbà Ọ̀yọ́: Etí rẹ mú, àbúrò, ṣùgbọ́n o ti sáré jù. ‘Ọmọ́ ga’ ńkọ́? Ohùn òkè náà ló wà níbẹ̀, òní là ń sọ. Bó bá tọ́ka sí nǹkan kan, kò ju pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀la lọ. Ìdí nìyẹn tí orúkọ tí ìwé ilé-ìwé ń lò, afànámónìí, fi tẹ́ mi lọ́rùn: ó fa àná mọ́ òní lóòótọ́.

Elétí Ohùn: Mo gbà ti ‘ga’. Ṣùgbọ́n bí ohùn kan bá ń bá a rìn, kò dá dúró mọ́. ‘Àdádúró’ tiyín náà ti wó nìyẹn.

Tíṣà Lọ́ńdọ̀nù: Ṣé bí a ó ṣe kọ́ ọmọdé ni ẹ ń sọ? Àwọn tí mò ń kọ́ níbí máa ń sọ pé ‘Mo ń mọ orúkọ rẹ̀’, torí mo ti sọ fún wọn pé ń ni ti ìsinsìnyí.

Àgbà Ọ̀yọ́: Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣìnà. Ń kò mọ ìsinsìnyí. ‘Nígbà tí mo dé lánàá, Adé ń jẹun’: ṣé ìsinsìnyí nìyẹn? Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ mú wọn lọ sídìí okùn aṣọ. ‘Aṣọ náà ń gbẹ’: omi ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má ká a. ‘Aṣọ náà gbẹ’: bó ṣe rí nìyẹn. ‘Aṣọ náà ti gbẹ’: ó tutù tẹ́lẹ̀, ó wá yí padà. ‘Gbẹ’ lè wà lójú ọ̀nà torí ó ń yí díẹ̀díẹ̀. Orúkọ ènìyàn, o mọ̀ ọ́n tàbí o kò mọ̀ ọ́n, ìdí tí ń fi há níwájú ‘mọ̀’ nìyẹn.

Ìyá Olóòwe: Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú èyí fún mi. ‘Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.’ Jíjó lópin, bíbù lópin. Ilé ọba wo ló jó, lánàá wo?

Àgbà Ọ̀yọ́: Àwọn àgbà sọ ọ́ bíi pé ó ti ṣẹlẹ̀, kí a lè rí odidi rẹ̀.

Ìyá Olóòwe: ‘Bíi pé’ kò tíì tú u. Bí a bá fẹ́ sọ ìṣe tó jẹ́ bárakú, máa ń là ń lò. Àwọn tó ni òwe mọ máa ń, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pa ‘ìhòòhò’ rẹ́. N kò tíì fi ‘àdádúró’ rọ́pò rẹ̀ nítorí ohùn orí ‘ọmọ́’ yẹn.