Ta ló ti lo bẹmpẹdóíkì ásíìdì lẹ́yìn tí sítátìnì kọ̀ ọ́ lára?

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́stà
Ẹ kú ilé o. Wọ́n ti fi sítẹ́ǹtì, ọ̀pá kékeré tó ń la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀, sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn mi, torí náà kọlẹ́sítẹ́róò burúkú gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dandan. Átọ̀fásítátìnì, ọ̀kan nínú àwọn oògùn sítátìnì tó ń gbé e wálẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Itan mi méjèèjì wúwo bí odó. Tí mo bá jókòó, ọwọ́ ni mo fi ń ti ara mi dìde. Wọ́n dín in kù, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí rosufásítátìnì, kò yí padà. Tí mo bá dáwọ́ dúró, ìrora á lọ. Tí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, á dé. Dókítà wá fún mi ní ẹsẹtímáìbù, LDL mi, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́róò burúkú náà, kúrò ní 4.4 bọ́ sí 3.6, wọ́n ní kò tíì tó. Bí wọ́n ṣe fi bẹmpẹdóíkì kún un nìyẹn: hóró kan lóòjọ́ tó ní méjèèjì nínú, 180 mílígíráàmù bẹmpẹdóíkì àti 10 ẹsẹtímáìbù. LDL di 2.7, itan mi sì fúyẹ́.

Àfi bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ṣe wú lóru ọjọ́ kan. Ó pọ́n, ó gbóná, aṣọ ìbora lásán ò gbọdọ̀ kàn án. Yúríkì ásíìdì, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa irú wíwú bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ 350 kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ti di 490. Gáòtù ni wọ́n pè é. Ta ló ti rí irú rẹ̀? Ṣé ẹ dá oògùn náà dúró ni?

Bàbá Ṣèyí, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ oògùn yẹn. Mo ti ń lo tèmi tipẹ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Iṣẹ́ sítátìnì gan-an ló ń ṣe, kò kàn dé inú iṣan ara ni.

Apòògùn Lẹ́sítà
Bàbá Ṣèyí, ẹ gbà á ní apá kan. Bí èèyàn ṣe gbé hóró yẹn mì, kò tíì lè ṣiṣẹ́; ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di èyí tó ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú iṣan itan. Àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó ti sítátìnì. Sítátìnì tó le lè gé LDL sí ìdajì. Bẹmpẹdóíkì nìkan ń gé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi ẹsẹtímáìbù tì í lẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì, oògùn yìí ló ṣeé fura sí. Ọ̀nà tí kíndìnrín ń gbà da yúríkì ásíìdì síta ló ń dí díẹ̀, nítorí náà ó ń gòkè láàárín oṣù àkọ́kọ́, ó sì máa ń wálẹ̀ tí èèyàn bá dáwọ́ dúró. Nínú ìwádìí ńlá tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, èyí tí wọ́n fi nǹkan bí 14,000 èèyàn tí sítátìnì kọ̀ lára ṣe, ìdá 3.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo bẹmpẹdóíkì ní gáòtù, nígbà tó jẹ́ 2.1 láàárín àwọn tó ń gbé oògùn òfìfo mì. Ìwádìí yẹn náà ló fi hàn pé ìkọlù ọkàn àti irú rẹ̀ dín kù ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ẹni tó ní sítẹ́ǹtì, ẹ má sáré jù ú nù.

Ẹ jọ̀ọ́, oògùn ìfúnpá wo lẹ ń lò?

Adéọlá, Hústìnì
Ẹ kú àlàyé o. Símfásítátìnì 40 ni mo ń lò, kò dùn mí níbì kankan. Ṣé kí n fi bẹmpẹdóíkì kún un kí LDL mi tètè wálẹ̀?

Apòògùn Lẹ́sítà
Ẹ má ṣe é, àǹtí. Bẹmpẹdóíkì ń jẹ́ kí símfásítátìnì pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn gan-an ló lè ba iṣan jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, símfásítátìnì tó bá ju 20 lọ kò gbọdọ̀ bá a rìn. Ẹ bi dókítà yín bóyá ẹ lè pààrọ̀ sítátìnì náà.

Kúnlé, Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi bẹmpẹdóíkì ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Àyẹ̀wò wo ni mo máa kọ́kọ́ ṣe? Bàbá wa ní gáòtù.

Apòògùn Lẹ́sítà
Kúnlé, yúríkì ásíìdì, ẹ̀dọ̀, àti krìátínìnì tó ń sọ ipò kíndìnrín. Krìátínìnì náà máa ń gòkè díẹ̀ lórí oògùn yìí, ẹni tí kò bá mọ iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ á máa sáré kiri. Dókítà tó máa máa yẹ̀ ọ́ wò ni kó kọ ọ́ fún ọ, má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n lásán.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́stà
Apòògùn, ẹ ṣeun. Índápámáìdì ni mo ń lò fún ìfúnpá. Mo bi dókítà lónìí, ó ní oògùn yẹn náà ń gbé yúríkì ásíìdì sókè. Ó ti fi lọ́sátánì rọ́pò rẹ̀, torí pé ìyẹn ń rán yúríkì ásíìdì jáde. Ó fún mi ní kọ́líṣísìnì fún ẹsẹ̀ yìí, ó sì ní kí n má tíì fi hóró bẹmpẹdóíkì sílẹ̀. Wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ mi lóṣù tó ń bọ̀. Tó bá ṣì wà lókè, yálà a fi alopúrínọ́ọ̀lù tó ń dín yúríkì ásíìdì kù kún un, tàbí ká dá bẹmpẹdóíkì dúró, kí dókítà ọkàn ronú abẹ́rẹ́ kọlẹ́sítẹ́róò.

Bàbá Ṣèyí, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ jẹ́ ká gbọ́ èsì o. Mi ò tíì yẹ yúríkì ásíìdì tèmi wò rí.