Púlọ́ọ̀gì àti èso àjàrà nínú Wáásáàpù ọmọ: àrokò ni àbí ẹnà?

Olùkọ́ Yorùbá, Tákìí, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọkùnrin ọdún 15, ló mú fóònù ọmọ náà wá bá mi. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

```
🔌 ti wọlé o. 🍇🍇 3k. Lẹ́yìn ògiri, tí wọ́n bá ti jáde. 🤐
```

Kí ni wọ́n ń bá ọmọ yìí sọ? Lọ́nà kejì, kí ni ká máa pe irú ìmójì bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, èyí tó jẹ́ pé ohun tí ojú rí nínú rẹ̀ kọ́ ló ń wí?

Bàbá Akẹ́sán, Ọ̀yọ́

Ọmọ mi, ó jọ pé iná ti dé ládùúgbò wọn, wọ́n sì ń ta èso. Bí ọmọdé bá ń ṣòwò, ẹ jẹ́ ká yìn ín.

Ní ti orúkọ, ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀. Àrokò ni. Láyé àwọn baba wa, bí ọkùnrin bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí obìnrin, kì í ṣe pé ó ń fún un lówó ọjà. Ẹ̀fà ni, ọkàn òun fà sí i. Bí obìnrin náà bá gbà, yóò di mẹ́jọ padà: ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹni tó gbé ẹrù náà lè má mọ ohun tó gbé dání. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni Wáásáàpù ń ṣe yìí?

Ẹ bá mi dá sí èyí náà. Mo sọ fún ọmọ-ọmọ mi obìnrin pé mo yọ̀ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì ní ìta, ó fi orí òkú ránṣẹ́ sí mi, 💀💀, méjì pàápàá. Ṣé ó ń ṣépè fún mi ni?

Apoògùn, Kínńirá, Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kì í ṣe iná, kì í sì í ṣe èso.

🔌 ni ẹni tí ọjà ń gba ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà. Ẹni tó bá fẹ́ iná, ibi tí iná ń gbà wọlé ni yóò ki wáyà rẹ̀ bọ̀. 🍇 wá láti Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ a máa po oògùn ikọ́ tó ní kodíìnì mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àwọ̀ ohun tí wọ́n pò yẹn ló jọ ti èso àjàrà. DEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró lọ́hùn-ún, kó irú àmì wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan ní 2021. 🔌 wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, 🍇 fún oògùn ikọ́, ❄️ fún kokéènì, 🍁 fún oògùn olóró èyíkéyìí. Ìwé yẹn kan náà ló sọ pé àmì nìkan kò tó fi mú ẹnikẹ́ni. Àfi bí ìwà tàbí ìrísí ọmọ bá yí padà, tàbí bí owó bá ń pòórá lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí bí ó bá ń pọ̀ sí i tí ẹ kò mọ ibi tó ti ń wá.

Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe 🍇 ló kọ́kọ́ ta mí lára nínú ọ̀rọ̀ tí Olùkọ́ fi ránṣẹ́. Ẹ kà á bí gbólóhùn. Ẹni tó ní ọjà wà níbẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀, ó sì jẹ́ méjì. Iye owó wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ pàdé wà níbẹ̀, àti ìgbà tí olùkọ́ kò ní sí nítòsí. Lẹ́yìn náà ni ẹnu tí wọ́n fi sípù dí. Ẹ yọ 🍇 kúrò, ẹ fi 👟 sí i, ẹ yọ ti ẹ̀yìn ògiri kúrò, ó di ọjà bàtà lásán. Àwọn ọmọ tó ń ta bàtà àti irun àtọwọ́dá lórí sítátọ́ọ̀sì wọn náà ń fi 🔌 pe ara wọn. Ọjà tí èèyàn ń polówó ní gbangba kò nílò 🤐.

Ìyá Ìbejì, Owódé, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun, Apoògùn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká gbàgbé pé ìmọ̀lára ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rín, ẹkún, ìbínú ni wọ́n fi ń hàn. "Àmì-ìmọ̀lára" ni mo fara mọ́. Èyí tó bá fara pamọ́, ká pè é ní "àmì-ìmọ̀lára aládììtú".

Ti 🍁 yẹn, mo ti rí i lórí fóònù ọmọbìnrin mi rí. Mo ti gba fóònù náà kí n tó gbọ́ pé ìwé ìpè sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló fi ewé náà ṣe lẹ́ṣọ̀ọ́. N kò dá a padà fún un o. Mo ní kó ṣì wà lọ́wọ́ mi ná.

Akẹ́kọ̀ọ́, LAUTECH

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àṣálẹ́. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ìmọ̀lára kọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan ni: "e" ni àwòrán, "moji" ni àmì ìkọ̀wé. Àkójọ tí Shigetaka Kurita ṣe fún iléeṣẹ́ NTT DoCoMo ní 1999 jẹ́ àwòrán 176. Òjò, oòrùn, ọkọ̀ ojú irin, tẹlifóònù, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀lára kàn wà lára wọn ni. Bẹ́ẹ̀ 🔌 tí à ń jiyàn lé lórí yìí, ìmọ̀lára wo ló wà lára púlọ́ọ̀gì?

Bàbá Akẹ́sán, ọmọ yín kò ṣépè. 💀 ni "ẹ fi ẹ̀rín pa mí". Ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ ṣubú, òun ló rẹ́rìn-ín, ìyẹn lẹ lè bá a wí lé lórí. 🧢 náà wà, èyí tí wọ́n fi ń sọ fún èèyàn pé irọ́ ló ń pa. Ìwọ̀nyí kò ní ewu kankan.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún ti Apoògùn ni pé ìwé Amẹ́ríkà yẹn kò bá tiwa mu tán. Láàárín àwọn tí a jọ wà, mo mọ 🔌 dáadáa, mo mọ ewé 🍃 fún igbó, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tó ń lo 🍇, orin ilẹ̀ òkèèrè ló sì ti kó o. Èyí tí mo máa ń rí ni ife 🥤. Bí ẹ bá fi ìwé yẹn nìkan wá a, ife yóò kọjá lójú yín, ẹ ó sì lọ máa mú ọmọ tó ń ṣe ìwé ìpè ìkórè.

Ìyá Ìbejì, Owódé, Ọ̀yọ́

Mo gbọ́ o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyá tó ń dúró ní ìsọ̀ láti àárọ̀ ṣe fẹ́ mọ ìgbà tí ife jẹ́ ife?

Apoògùn, Kínńirá, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá, ẹ wo ọmọ kí ẹ tó wo fóònù. Kodíìnì àti tíramadó lè mú kí dúdú inú ẹyinjú kéré bí orí abẹ́rẹ́, kódà nínú òkùnkùn tó yẹ kó ti fẹ̀. Ọmọ á máa tòògbé lọ́sàn-án gangan, á máa họ imú àti ara, ìgbẹ́ á máa le fún un. Igbó yàtọ̀, ojú pípọ́n ni tiẹ̀. Tíramadó tún lè gbé gìrì wá. Bí ẹ bá jí ọmọ tí kò jí, tí mímí rẹ̀ sì ń falẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìmójì á dúró de ìgbà mìíràn.

Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oní-kodíìnì àti kíkó o wọlé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Èyí tí ẹnikẹ́ni bá ń tà lẹ́yìn ògiri lónìí, kò sí àmì kankan tó lè fi ohun tó wà nínú ìgò náà hàn yín.

Ní ti fóònù, ohun kan wà tó wúlò ju ìmójì lọ. Wáásáàpù ní ètò tí ọ̀rọ̀ fi ń pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90. Bí wọ́n bá tàn án, Wáásáàpù fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, aago kékeré kan á sì wà lára àwòrán ẹni náà. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ọmọ ṣe èyí fún, tí ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yòókù ṣí sílẹ̀, ẹni yẹn ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ń lò ó pẹ̀lú ìyàwó mi o, nítorí àyè fóònù.

Olùkọ́ Yorùbá, Tákìí, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo pe ọmọ náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Mi ò bi í pé kí ni 🍇. Mo ní kó ka gbólóhùn náà sókè fún mi lẹ́nu ara rẹ̀. Ó kà á dé "lẹ́yìn ògiri", ó dákẹ́. Ó ní òun kò tíì rà á, pé ẹnì kan tó ti jáde iléèwé ló ń fi ránṣẹ́ sí àwọn bíi mẹ́rin. Aago tí Apoògùn wí wà lára àwòrán ẹni náà. Ìyá rẹ̀ gbà á gbọ́. Èmi gba ìdajì gbọ́. A ti fi tó ọ̀gá iléèwé létí.

Ní ti orúkọ, Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò lè gba àrokò. Ẹni tó di àrokò fẹ́ kí ó yé ẹni tó rán an sí, kò sì sí ohun tó ní kí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà lọ́la. Ẹnà ni tàwọn ọmọ yìí. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí a bá fẹ́ kúrò níwájú àgbà, a ó ní "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Bí àgbà bá ti gbọ́ ọ, a ó tún un dá. 🍇 ti di 🥤 lójú wa báyìí.

Bàbá Akẹ́sán, Ọ̀yọ́

Ẹnà, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Èyí, ojú ni wọ́n fi ń kà á. Ohun tí a dì tí a fi ránṣẹ́, àrokò ni, bí ọ̀daràn bá dì í, àrokò ọ̀daràn ni. N kò yẹsẹ̀. Mo ti pe ọmọ-ọmọ mi, ó ní lóòótọ́ ló rẹ́rìn-ín.

Akẹ́kọ̀ọ́, LAUTECH

Ẹ jẹ́ kí n kọ méjèèjì sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa: "ẹnà àwòrán" àti "àrokò orí fóònù", kí n fi àmì ìbéèrè sí iwájú wọn títí di ìpàdé. Ìyá Ìbejì, fóònù yẹn ń kọ́?

Ìyá Ìbejì, Owódé, Ọ̀yọ́

Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó di ọjọ́ ìkórè.