Ẹ gbà mí o: bàbá mi fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn háátì àtáákì

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni. Háátì àtáákì kọlu bàbá mi, ọsibítù ti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n ní Mọ́ńdè ni àwọn máa padà sí ṣọ́ọ̀bù! Níbo ni wọ́n ti lè bá wọn ṣe eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀?

Ìyá Àbẹ̀ní: Má jẹ́ kí wọ́n kúrò nílé o! Ohun tó pa ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìyẹn. Dókítà ní kí ó máa rìn, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń sáré gun òkè Mapó ní ìdájí. Orí òkè ló ṣubú sí. Kí wọ́n tó gbé e débì kan, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Oṣù mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì, ó pé mi.

Ọmọ Òkè-Àdó: Yéè! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àdùkẹ́, gbọ́ ti Ìyá Àbẹ̀ní o.

Tísà Fẹ̀yìntì: Rọpárọsẹ̀ ni ìyàwó tèmi ní. Fisiotẹ́rápí UCH ló jẹ́ kó tún máa fọwọ́ ara rẹ̀ di irun. Ẹ gbé bàbá lọ síbẹ̀, ọwọ́ á padà ṣiṣẹ́.

Ọmọ Òkè-Àdó: Bàbá àgbà, ọkàn ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ọwọ́.

Fisio Àgbà: Tísà ò ṣì wí ní ti UCH, ẹ̀ka fisiotẹ́rápí wọn ni kí ẹ lọ, ẹ mú ìwé tí ọsibítù kọ dání. Àmọ́ Àdùkẹ́, iṣẹ́ wo ni bàbá ń ṣe? Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀? Oògùn wo ni wọ́n ń lò?

Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ kú ìrọ́jú. Sísáré gun òkè kọ́ ni dókítà ní kí ó ṣe. Ibi tó kú lára iṣan ọkàn ń lò tó ọ̀sẹ̀ 6 kó tó di àpá tó le. Àmọ́ tí ẹ bá ní kí ẹni náà sùn fún oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ á rọ, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì síbẹ̀.

Ìyá Àbẹ̀ní: Ẹ̀yin lẹ kàwé. Èmi ni mo sin òkú.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Káfíńtà ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Wọ́n fi wáyà ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí. Bísópúrólólì wà nínú oògùn náà.

Ẹlẹ́sẹ̀ Yíyá: Ó rọrùn. Ẹ yọ ọjọ́ orí wọn kúrò nínú 220, ẹ ka ìlù ọkàn wọn bí wọ́n bá ń rìn, kó má ju ìdajì rẹ̀ díẹ̀ lọ.

Fisio Àgbà: Ìṣirò yẹn dára fún ẹlòmíràn. Bísópúrólólì ń fa ìlù ọkàn sẹ́yìn, nọ́ńbà á kéré nígbà tí ara ti ń rẹ̀ wọ́n. Ẹnu wọn ni kí ẹ fi mọ̀: bí wọ́n bá lè bá yín sọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́nu ìrìn, àmọ́ tí wọn ò lè kọrin, ó ti tó. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu wọn, kí wọ́n dẹ ẹsẹ̀.

Ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, 5 nírọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí oòrùn má mú, kó má jẹ́ kété tí wọ́n jẹun tán. Bí ara bá yá lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un, títí á fi dé 30. Kí wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n rọra parí, torí òòyì lè kọ́ ẹni tó dúró lójijì. Bí àyà bá fún wọn tàbí òógùn tútù bò wọ́n, kí wọ́n jókòó. Bí kò bá lọ láàárín ìṣẹ́jú 5, ọsibítù ni.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, pákó ló ń bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ ọwọ́ ń lo ọkàn ju iṣẹ́ ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fa ayùn tàbí tó gbé pákó á di èémí mọ́ra, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì fò sókè. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n wọn nǹkan, kí wọ́n bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ayùn àti gbígbé, ó di ìgbà tí dókítà bá yẹ̀ wọ́n wò, bóyá oṣù kejì sí ìkẹta.

Ẹlẹ́sẹ̀ Yíyá: Bí wọ́n bá lọ fún ìdajì ọjọ́ ńkọ́?

Fisio Àgbà: Ìyẹn dára. Kí wọ́n má lọ lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Ẹ ṣé o. Bàbá ti lọ lónìí, Mọ́ńdè ò tíì dé! Wọ́n ní UCH, èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ìrìn nìkan ni wọ́n gbà, torí wọ́n á máa gba ilé ọ̀rẹ́ wọn kọjá láti lọ ta ayò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni mo bẹ̀ pé kí wọ́n gbé ayùn pamọ́.

Ìyá Àbẹ̀ní: Èmi ti sọ tèmi o.