-sàn inú “òṣùwọ̀n ìwòsàn”

Ìyá Ìbùkún (Lọ́ńdọ̀nù) béèrè:
“Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mò ń túmọ̀ ìwé fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ń gba ìtọ́jú ọkàn. Ní ìjókòó mẹ́ta mẹ́ta, ọmọ a dáhùn ìbéèrè kúkúrú nípa bó ṣe ń ṣe é, a sì fún ohun tó ń lépa ní máàkì. Mo pe ìwé náà ní ‘òṣùwọ̀n ìwòsàn’. Ṣé ó tọ́?”

Bàbá Olùkọ́ (Ìbàdàn):
Ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n n kò lè gba orúkọ yẹn. Wo -sàn tó wà ní ìdí rẹ̀. Bí mo bá ní “mo wo ọmọ náà”, kò tíì sí ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Bí mo bá ní “mo wò ó sàn”, ọ̀rọ̀ ti parí, ara ọmọ ti yá. Ẹni tó bá ní “mo wò ó sàn, kò sì sàn” ti ba gbólóhùn jẹ́. Ìwé tí a fẹ́ fi mọ̀ bóyá ara ọmọ ń yá kò gbọdọ̀ ti inú orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí pé ó ti yá. Àwọn tó kọ́ wa ní èdè kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ kọjá lójú wọn. “Ìtọ́jú” ni kí o lò.

Àkàndé (Ìlọrin):
Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńkọ́? Àìmọye ènìyàn ló ń wọ ibẹ̀ tí ara wọn kì í yá, a kò sì yí orúkọ ilé náà padà. “Àfojúsùn” tí wọ́n ń kọ káàkiri fún ohun tí ọmọ ń lépa ló ń bí mi nínú ní tèmi. Ojú tó bá sùn kò rí nǹkan kan. Kí la tilẹ̀ fẹ́ fi máàkì ohun tí ọmọ ń lépa ṣe? Bí àmì àìsàn bá ń dín kù, ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá dín kù, kò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Olùtọ́jú Ọmọdé (Lọ́ńdọ̀nù):
Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ lẹ̀ ń sọ yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ kan kalẹ̀. Mo ti yí ohun tó lè mú kí ẹnikẹ́ni dá a mọ̀ padà. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́wàá ni, kò sì lè wọ kíláàsì àfi bí ìyá rẹ̀ bá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ìwé tó ń kọ lórí kọ̀ǹpútà, RCADS-25, ní ìbéèrè 25. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 75. Bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni ìpayà àti ìbànújẹ́ pọ̀ tó. Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 34. Ní ìjókòó kẹta ó di 32, èyí tí n kò kà sí nǹkan kan, nítorí máàkì a máa rọ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà kejì tí ènìyàn bá kọ ìwé kan náà. Ní ìjókòó kẹfà ó fò sókè di 39.

Bí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Àkàndé, à bá ní ìtọ́jú ń ba ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lépa, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ni “kí Mọ́mì dúró ní géètì, kí èmi nìkan wọlé”. Láti 0 dé 10, ó fún un ní 1 ní ìbẹ̀rẹ̀, 2 ní ìjókòó kẹta, 5 ní ìkẹfà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dá wọ kíláàsì, ó sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí ló wá kojú. Àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ìjókòó kẹsàn-án, ìpayà wálẹ̀ sí 21, ohun tó ń lépa di 7. Ká ní 39 yẹn nìkan ni mo wò, ǹ bá ti dá iṣẹ́ tó ń so èso dúró. Bí máàkì ohun tó ń lépa bá sì kúrò lójú kan pẹ̀lú 1 tàbí 2 péré, n kì í pariwo. Ó di 3 kí n tó gbà pé ọmọ ti ṣí kúrò níbi tó wà.

Ohun tó fẹ́ ṣì mí lọ́nà jù ni ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà nínú ìwé náà: rárá, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà gbogbo. Ìyá ọmọ náà ń kọ ìwé tirẹ̀ nípa ọmọ. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó jẹ́ 28. Nígbà tó yá, ẹnì kan fi kánjúkánjú túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì kọ “lẹ́ẹ̀kan” dípò “lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan”. Máàkì ìyá di 40. Mo tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: gbogbo 0 wà bó ṣe wà, gbogbo 2 àti 3 náà kò yí padà, àmọ́ 1 méjìlá ti di 2. Ìbànújẹ́ kì í mọ ìdáhùn yà báyẹn. Mo bi í nípa oorun ọmọ. Ó ní, “Lẹ́ẹ̀kan kọ́ o, ó máa ń tó ìgbà méjì mẹ́ta lọ́sẹ̀, ni mo bá mú èyí tó tẹ̀ lé e.” Kò purọ́, ìwé ló gba “kọ̀ọ̀kan” lọ́wọ́ rẹ̀. A pa ìwé yẹn tì, a tún òǹkà ìyá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Màmá Ṣadé (Mẹ́rílándì):
Èmi kò fara mọ́ fífún ọmọ ní máàkì bíi ti ìdánwò. Nígbà tí ọmọ tèmi ń gba irú ìtọ́jú yìí, mo jókòó tì í, ó ń kọ 10 síwájú gbogbo nǹkan, ó sì ń wo ojú mi. Mo jáde lọ mu omi. Nígbà tí mo padà, ó ti fi rọ́bà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó ti kọ 3. Ta ló fẹ́ fìdí rẹmi lójú ìyá rẹ̀?

Olùtọ́jú Ọmọdé:
Ẹ̀yin Màmá, kì í ṣe ìdánwò, kò sí ẹni tó ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí yẹn kò lẹ́gbẹ́. 3 ni máàkì tòótọ́. Ọmọ tí a kọ́ láti dá àgbàlagbà lóhùn dáadáa yóò fún wa ní èyí tó máa dùn mọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ òbí kí wọ́n dúró níta, tí mo sì ń bi ọmọ léèrè pé, “Kí ni mo máa rí tó bá di 4?” Ọmọ tó kọ 10 láti tẹ́ wa lọ́rùn kì í ní ìdáhùn sí i. Bí máàkì òbí àti ti ọmọ bá yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì sábà ń rí, n kì í pa wọ́n pọ̀ kí n pín in sí méjì. Mo máa ń bi àwọn méjèèjì léèrè ohun tí kálukú rí.

Ní ti orúkọ, “ìwé ìtọpasẹ̀ ìtọ́jú” ni mo dábàá.

Àkàndé:
Olè là ń tọpasẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá kì í ṣe olè.

Bàbá Olùkọ́:
Ọdẹ náà ń tọpasẹ̀ ẹran, Àkàndé, olè kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ní ti “àfojúsùn”, sùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti oorun. Sùn inú “fẹjọ́ sùn” ni, èyí tí a fi ń darí nǹkan sí ibì kan. Bí ohùn wọn tilẹ̀ dọ́gba, iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Àmọ́ èmi náà kò fẹ́ràn “ìtọpasẹ̀”. Ẹran tí a ń tọpasẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ pé à ń bọ̀, ọmọ yìí sì ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé náà.

Àkàndé:
Mo gbọ́ ti sùn, Bàbá. Ti ilé ìwòsàn ni ẹ kò tíì dá mi lóhùn.

Ìyá Ìbùkún:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àgbà. Mo ṣí ìwé tèmi lálẹ́ àná, “lẹ́ẹ̀kan” ló wà níwájú gbogbo ìbéèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdílé méjì ti gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ “lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan” rọ́pò rẹ̀, mo sì ti pe olùtọ́jú wọn pé kí wọ́n má ṣe fi máàkì tó ti wà nílẹ̀ wé tuntun. Mo ti pa -sàn rẹ́ lórí ewé àkọ́kọ́. Àyè orúkọ ṣì ṣófo.