Màmá ṣì ń gba kẹ́mò, dókítà ní ká lọ rí àwọn oníṣègùn ìdẹ̀rùn. Ṣé wọ́n ti sọ̀rètí nù ni?

Ọmọ Màmá
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ni mò ń wá. Ẹni ọdún 61 ni màmá mi. Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ní, ó sì ti ràn dé eegun ẹ̀yìn àti ìbàdí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gba kẹ́mò. Wọ́n ti gba mẹ́rin, àwòrán tí wọ́n yà sì fi hàn pé kókó ọmú ti súnkì. Àmọ́ ẹ̀yìn ń ro wọ́n débi pé wọn kì í rí oorun sùn lóru, tó bá sì di ọ̀sán, orí ibùsùn náà ni wọ́n máa ń wà jù. Oúnjẹ ò wù wọ́n mọ́.

Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, dókítà jẹjẹrẹ kọ̀wé pé ká lọ rí ẹ̀ka páliétíìfù, àwọn oníṣègùn ìdẹ̀rùn. Àtìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fàáké kọ́rí pé ẹni tó fẹ́ kú ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀, pé bí a bá fi lè débẹ̀, kẹ́mò parí nìyẹn. Ohun tí kò yé mi ni pé dókítà kan náà ló fún wa ní ọjọ́ kẹ́mò karùn-ún. Báwo ni méjèèjì ṣe ń jọ rìn? Ṣé kí n mú wọn lọ?

Bọ̀dá Láyí
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní ìdí. Ní Amẹ́ríkà tí mo wà, àbúrò ìyàwó mi gba irú ìtọ́jú yẹn. Dókítà méjì ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé bí àìsàn náà bá ń lọ bó ṣe ń lọ, oṣù mẹ́fà tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ló kù fún un. Òun náà wá fọwọ́ sí i pé òun ò ní gba oògùn tó ń bá jẹjẹrẹ jà mọ́. Ẹ ka ìwé wọn tinútòde kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́
Bọ̀dá Láyí, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ họ́sípìsì lábẹ́ Mẹ́díkéà, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, lẹ ń sọ. Ìtọ́jú ìgbẹ̀yìn ayé nìyẹn. Àkókò tó kù fún aláìsàn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbà á síbẹ̀. Ní ẹ̀ka ìdẹ̀rùn, ìnira tó wà lára ni wọ́n ń wò. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀ lónìí lè lọ, kódà ẹni tí dókítà gbà pé yóò san pátápátá lè lọ. Àwọn tó ń ṣe ìdẹ̀rùn náà ló sábà máa ń ṣe ti ìgbẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń da méjèèjì pọ̀.

Ọmọ Màmá, ibi tó kọ mí lóminú jù nínú ohun tí ẹ kọ ni pé orí ibùsùn ni wọ́n máa ń wà lọ́sàn-án. Kí dókítà tó fún èèyàn ní kẹ́mò, yóò wò ó bóyá ó ń rìn, bóyá ó ń wẹ̀ fúnra rẹ̀, àti bó ṣe ń pẹ́ tó lórí ibùsùn. Ẹni tó bá ti ń lo ju ìdajì ọ̀sán lọ ní ìdùbúlẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà ò ní fẹ́ fún un mọ́, torí ìpalára oògùn náà lè ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Bó bá wá jẹ́ pé ìrora ló dá màmá dùbúlẹ̀, tí kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ń gbilẹ̀ sí i ńkọ́? Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń bẹ̀rù pé ẹ̀ka yẹn á ṣe, àìlọ síbẹ̀ gan-an ló lè fà á.

Kí ni wọ́n ń lò fún ìrora náà báyìí?

Ìyá Ìbejì
Ẹ má gbà kí wọ́n dá kẹ́mò dúró o! Mẹ́fà lèmi gbà, gbogbo irun mi re, ó sì tún hù padà. Kí màmá ṣáà fara dà á. Bí kẹ́mò bá parí, ìrora náà á lọ.

Ọmọ Màmá
Ẹ ṣé mà, a dúpẹ́ pé ara yín ti yá. Kò sẹ́ni tó ní ká dá a dúró mà. Ìrora náà kì í sì í ṣe ti kẹ́mò, inú eegun ló ti ń wá.

Nọ́ọ̀sì, pàrásítámọ̀ ni, pẹ̀lú dàìkílófẹ́nákì tí a rà fúnra wa. Dókítà kọ mọ́fíìnì olómi, màmá ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní bí àwọn bá lò ó tán báyìí, kò ní ràn àwọn mọ́ nígbà tí ìrora gidi bá dé.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú dàìkílófẹ́nákì kúrò nílẹ̀. Kẹ́mò máa ń dín agbára ara láti bá kòkòrò àrùn jà kù, ó sì ń dín ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù. Dàìkílófẹ́nákì lè mú kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń bo ibà mọ́lẹ̀. Pàrásítámọ̀ náà ń bo ibà. Bí ara ẹni tó ń gba kẹ́mò bá gbóná dé 38, kì í ṣe ohun tí à ń fi ilẹ̀ mọ́ dè, ilé ìwòsàn ni. Ẹ máa wọn ara wọn kí wọ́n tó gbé pàrásítámọ̀ mì, kí ẹ sì bá dókítà sọ ọ́ kí dàìkílófẹ́nákì tó tún wọ ẹnu wọn.

Ní ti mọ́fíìnì, kò sí pé ó ń tán lágbára de ọjọ́ iwájú. Bí ìrora bá pọ̀ sí i, dókítà á fi kún un. Ẹ wo bó ṣe ń rí. Ó lè ní kí wọ́n máa lo mílígíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, yálà ìrora wà tàbí kò sí. Ọgbọ̀n nìyẹn lójúmọ́. Bí ìrora bá já lu wọ́n láàárín, ó lè ní kí wọ́n fi 5 sí i. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń nílò àfikún mẹ́ta lójúmọ́, àròpọ̀ ti di 45 nìyẹn, dókítà á sì rí i láti inú ìwé yín pé 5 ò tó, pé 7 tàbí 8 ló sún mọ́ ohun tó yẹ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Òun ló máa yí i pa dà o, ẹ má ṣe é fúnra yín.

Oorun àti èébì lè dà wọ́n láàmú ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n sì sábà máa ń lọ. Ìgbẹ́ gbígbẹ kì í lọ ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí mọ́fíìnì bá bẹ̀rẹ̀ ni oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ fún mi pé mọ́fíìnì ò bá òun lára mu, inú kíkún ló lé e kúrò nídìí rẹ̀. Àmọ́ bó bá ṣòro láti jí wọn, tí mímí wọn ń falẹ̀, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń já pàtì-pàtì, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń jẹ́ kí mọ́fíìnì gbá jọ sínú ara, èyí sì tún jẹ́ ìdí mìíràn tí n kò fi fẹ́ dàìkílófẹ́nákì yẹn.

Bàbá Ìlérí
Ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi lò kẹ́yìn láyé ni wọ́n tó pe àwọn oníṣègùn ìdẹ̀rùn sí wọn. Títí di ìgbà yẹn, kò sí dókítà tó jókòó bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ló ń ni yín lára jù? Kí lẹ fẹ́ kó ṣeé ṣe fún yín?" Bẹ́ẹ̀ ìrora ti wà lára wọn fún oṣù púpọ̀. Gbogbo ará ilé wa ló gbà pé àwọn èèyàn náà ló gbé ikú wá. Wọ́n pẹ́ jù ni! Títí dòní inú ń bí mi.

Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè mi ni pé, ta ló ń sọ fún ẹbí pé ìdẹ̀rùn ti di ìgbẹ̀yìn?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́
Ẹ kú ìrántí bàbá o. Kì í ní ọjọ́ kan pàtó, mi ò ní purọ́ fún yín. Ohun tí à ń wò ni pé jẹjẹrẹ ń dàgbà sí i láìka oògùn sí, ara ń joro, oorun ń gba ọ̀sán lọ́wọ́ aláìsàn lẹ́yìn tí a ti tọ́jú ìrora, tí ìgbàkúgbà tó bá dé láti ilé ìwòsàn ni wọ́n tún ń gbé e padà. Ìbéèrè tí mo máa ń ní kí ẹbí bi dókítà jẹjẹrẹ ni pé, "Kí lẹ retí pé kẹ́mò yìí máa ṣe, ìgbà wo la sì máa wò ó bóyá ó ṣe é?" Ti màmá yìí, kẹ́mò ń ṣiṣẹ́. Wọn ò tíì dé ibẹ̀.

Àwọn dókítà kan ní Bọ́sítọ̀nì tẹ ìwádìí kan jáde ní 2010. Aláìsàn 151 ni wọ́n lò, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti ràn káàkiri. Gbogbo wọn ló ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àmọ́ wọ́n tètè fi oníṣègùn ìdẹ̀rùn ti apá kan wọn lẹ́yìn. Ìwọ̀nyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, iye tí wọ́n gba kẹ́mò sún mọ́ ọjọ́ ikú kéré, bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé nǹkan bí oṣù 11.6 ni ìdajì wọn rí lò, ti àwọn yòókù sì jẹ́ 8.9.

Bọ̀dá Láyí
Ṣé gbogbo ìwádìí ló wá sọ pé ó ń fi kún ẹ̀mí? Mi ò rò bẹ́ẹ̀ o.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́
Rárá, ẹ jàre. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí i, mi ò sì ní ṣèlérí ọjọ́ gígùn fún ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀rùn ni mo lè fi ẹnu mi sọ.

Ọmọ Màmá
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti gbà ká lọ, àmọ́ wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀ka náà létí màmá. Dókítà tún sọ pé àwọn lè fi ìtànṣán kan ẹ̀yìn wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé ìyẹn ò ní da kẹ́mò rú?

Ìyá Ìbejì
Ẹ má sọ fún wọn o. Ọkàn á gbé wọn.

Bàbá Ìlérí
Ẹ sọ fún wọn jọ̀ọ́. Tiwọn ni ara náà.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́
Èmi ò ní bá ẹbí jà lórí ìyẹn, àmọ́ orúkọ ẹ̀ka náà wà lára ilẹ̀kùn, màmá sì lè kàwé. Ẹ lè kọ́kọ́ pè wọ́n ní àwọn tó ń tọ́jú ìrora, kí àwọn fúnra wọn bá màmá sọ ìyókù.

Ní ti ìtànṣán, dókítà jẹjẹrẹ àti ti ìtànṣán ló máa jọ fi ọjọ́ sí i, kó má bàa gùn lé kẹ́mò. Ìrora náà lè le sí i díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sí ìkẹta, kó tó wá máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ẹ má dín mọ́fíìnì kù torí pé wọ́n ti gba ìtànṣán. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ń rọ, tí ìdí tàbí itan wọn ń kú tipiri, tàbí tí wọn ò rí ìtọ̀ tọ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ti fún ọ̀pá ẹ̀yìn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.