Ìpààrọ̀-iṣẹ́ ni, àbí pípààrọ̀ ọjọ́? Lórí ímeèlì rósítà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀

Káyọ̀dé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ímeèlì tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ bá mi wò ó kí n tó fi lọ.

"Àkòrí: Ìpààrọ̀-iṣẹ́ Bísí àti ìwé ìyíká-ojúṣe tuntun.
Ẹ̀yin ará, mo fi àsìkò yìí sọ fún yín pé ìpààrọ̀-iṣẹ́ ti wáyé. Ṣẹ́gun yóò bá Bísí ṣe iṣẹ́ òru Ọjọ́rú. Ìwé ìyíká-ojúṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣeun."

Ṣíìfù mẹ́ta la ní: aago 6 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán, 2 ọ̀sán sí 10 alẹ́, 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀dá "ìyíká-ojúṣe", torí mi ò fẹ́ kọ "rósítà" sínú ìwé Yorùbá.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ bá wa kí Bísí kú oríire o! Iṣẹ́ tuntun yóò gbè é. Ìgbà wo ló ń lọ? Ó yẹ kẹ́ ẹ fi gbólóhùn kan sí i láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo ọdún tó ti lò lọ́dọ̀ yín, nítorí bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn gbẹ jù fún ẹni tó ń fi yín sílẹ̀.

Alàgbà Akínwùmí:
Káyọ̀dé, ṣé o rí ohun tí Ìyá Ìbejì kà? Kò ṣì í kà. Ta ni yóò gbọ́ pé ẹnì kan pààrọ̀ iṣẹ́ tí kò ní rò pé ó ti fi ibi tó wà sílẹ̀ lọ sí ibòmíràn? Bí ọmọ ilé rẹ bá ní òun ti pààrọ̀ iṣẹ́, ibi iṣẹ́ tuntun ni wàá béèrè, o ò ní béèrè aago. Ọjọ́ làwọn méjèèjì yìí pààrọ̀. Bísí àti Ṣẹ́gun pààrọ̀ ọjọ́, ó parí. O wá ki iṣẹ́ bọ̀ ọ́, o fi ì- ṣáájú, o fi àmì so wọ́n pọ̀, o sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ di ohun tá a ní láti máa túmọ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni "ojúṣe". Ohun tó wà lọ́rùn ènìyàn ni ojúṣe. Ojúṣe bàbá sí ọmọ kì í parí ní aago 10 alẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá a yí i ká. Iṣẹ́ tí Bísí ń ṣe láti aago kan sí èkejì, iṣẹ́ náà ni í jẹ́. Àwọn tó kọ́ wa níwèé kò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ ńlá rọ́pò ọ̀rọ̀ tó péye.

Fẹ́mi:
Ẹ̀yin Alàgbà, mo fara mọ́ yín lórí ojúṣe, ṣùgbọ́n ẹ fo ibi tí àléébù gan-an wà. Mọ́fíìmù ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni. Ì- máa ń fún wa ní ìṣe, à- máa ń fún wa ní àbájáde. Ìfikún ni ìṣe, àfikún ni ohun tá a fi kún un. Ìyípadà ni ìṣe, àyípadà ni ohun tó jáde níbẹ̀. Káyọ̀dé ń kéde ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán, nítorí náà "àpààrọ̀" ló yẹ kó kọ. Bó bá kọ "àpààrọ̀-iṣẹ́", kò sẹ́ni tí yóò ṣì í gbọ́.

Alàgbà Akínwùmí:
Fẹ́mi, ibi tó o fojú sí dára, ṣùgbọ́n o fẹ́ sọ àṣà di òfin. Ìpín ńkọ́? Ṣebí ohun tá a pín fún ènìyàn ni ìpín. Ìrànlọ́wọ́ ńkọ́? Ẹni tó ní òun gba ìrànlọ́wọ́, ṣé ìṣe ló gbà ni? Bẹ́ ẹ bá sì kọ à- tàbí ì-, ọ̀rọ̀ "iṣẹ́" tó tẹ̀ lé e ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Mọ́fíìmù tó wà níwájú kò lè tún un ṣe.

Àbẹ̀ní (nọ́ọ̀sì):
Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ ti ń jà lórí àkòrí, èyí tó lè kó ènìyàn sí wàhálà sì wà nínú gbólóhùn kejì. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tó ń ṣètò wa kọ "òru Ọjọ́rú" gẹ́lẹ́ báyìí. Lọ́kàn tirẹ̀, òru tí ilẹ̀ rẹ̀ máa mọ́ sí Ọjọ́rú ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 alẹ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó gba òru náà gbọ́ ọ sí alẹ́ Ọjọ́rú fúnra rẹ̀. Ní alẹ́ Ìṣẹ́gun, ẹnikẹ́ni kò wá. Èmi tí mo wọlé ní aago 2 ọ̀sán ni mo dúró di aago 6 àárọ̀, wákàtí 16, nítorí a kì í fi aláìsàn sílẹ̀ láìsí ẹni tá a fà á lé lọ́wọ́. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ènìyàn méjì ló wá síbi tí ẹnì kan yẹ kó wà.

Ẹ wo "bá" náà. "Ṣẹ́gun yóò bá Bísí ṣe iṣẹ́." Bí mo bá ní kí ẹ bá mi ṣe é, mo lè dùbúlẹ̀ sílé kí ẹ máa ṣe é. Bí mo bá ní ẹ bá mi ṣiṣẹ́ lánàá, àwa méjèèjì la wà níbẹ̀. Bísí lè ka ímeèlì yẹn kó rò pé wọ́n fún òun ní alábàáṣe, kó wá. Ó sì lè sùn sílé. Ewo nínú méjèèjì lẹ ń sọ, Bọ̀dá Káyọ̀dé?

Káyọ̀dé:
Ẹ ṣé, Sista Àbẹ̀ní. Bísí kò ní wá lóru náà. Òun ló ni alẹ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 10 tẹ́lẹ̀, Ṣẹ́gun ló ni òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 12. Wọ́n fún ara wọn. Ṣé "àgbàṣe" kò ní yanjú ọ̀rọ̀ "bá" yìí? Ṣẹ́gun gba iṣẹ́ Bísí ṣe.

Alàgbà Akínwùmí:
Àgbàṣe kẹ̀! Iṣẹ́ tí wọ́n fowó gbéni ṣe ni àgbàṣe láti ọjọ́ táláyé ti dáyé. Bó o bá kọ ọ́, ẹni tó ń san owó oṣù yóò bi ọ́ léèrè iye tí Bísí san fún Ṣẹ́gun. "Dípò" ni kó o lò. Kò ní ojú méjì.

Bàbá Adéoyè:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń wá ohun tó wà lápò sòkòtò lọ sí Sókótó. Kí ni àwọn bàbá wa ń pe kí o wá ṣe tèmi lónìí, kí n wá ṣe tìrẹ lọ́jọ́ mìíràn? Àáró ni. Bísí àti Ṣẹ́gun ń ṣe àáró, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu gbogbo wa, nítorí òun náà ló wà nínú "pààrọ̀", ẹ kàn jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ni.

Lórí òru, Àbẹ̀ní, ọmọ mi, Yorùbá ti yanjú ìyẹn kí wọ́n tó gbé aago dé. "Mọ́jú" ni. Alẹ́ Ìṣẹ́gun mọ́jú Ọjọ́rú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò tún ní béèrè alẹ́ wo. Ìyá mi kò mọ̀wé, kò sì fi ìgbà kankan sọ òru kan láìsọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ sí.

Alàgbà Akínwùmí:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún "mọ́jú". Òun ni kí Káyọ̀dé kọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, àáró àti pààrọ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá. Ohùn òkè ni ìparí ọ̀kan, ohùn ìsàlẹ̀ ni ìparí èkejì, ohùn kì í sì í ṣàdédé rẹlẹ̀ báyẹn láìsí ohun tó fà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú àáró, gbogbo wa la máa péjọ sí oko ẹnì kan. Ẹni tó ni oko náà wà níbẹ̀. Bísí kò ní sí níbẹ̀.

Káyọ̀dé, bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ rèé:

"Àkòrí: Bísí àti Ṣẹ́gun pààrọ̀ ọjọ́, rósítà tuntun fún ọjọ́ 9 sí 15.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bísí fi òru rẹ̀ pààrọ̀ òwúrọ̀ Ṣẹ́gun, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìkan.

Ṣẹ́gun ni yóò ṣiṣẹ́ dípò Bísí ní alẹ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 10 mọ́jú Ọjọ́rú ọjọ́ 11, aago 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀.

Bísí ni yóò ṣiṣẹ́ dípò Ṣẹ́gun ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 12, aago 6 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán.

Àwọn méjèèjì ti gbà, mo sì ti fọwọ́ sí i. Ọjọ́ ẹlòmíràn kankan kò yí padà. Rósítà tó wà nísàlẹ̀ yìí rọ́pò èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ má lo ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá rí àṣìṣe níbi orúkọ rẹ̀, kó pè mí kó tó di aago 12 ọ̀sán ọjọ́ Àìkú."

Kíyè sí i pé gbólóhùn méjì ló sọ nípa pààrọ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Tìrẹ sọ ti Ṣẹ́gun, ó dákẹ́ lórí òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń retí Ṣẹ́gun lówúrọ̀ ọjọ́ náà kò ní mọ̀ pé Bísí ló yẹ kí òun máa retí. Má sì ṣe kọ "wọ́n fi Ṣẹ́gun pààrọ̀ Bísí" láé. Ìyẹn ti lé Bísí lọ nìyẹn.

Àbẹ̀ní (nọ́ọ̀sì):
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin Alàgbà. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìkan" yẹn ṣe pàtàkì, nítorí láìsí i, ọ̀sẹ̀ kejì ni àríyànjiyàn yóò bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Káyọ̀dé, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wo ohun tó wà níwájú àti lẹ́yìn òru náà lórí orúkọ Ṣẹ́gun. Bó bá ti ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun tẹ́lẹ̀, aago 2 sí 10, yóò kàn bọ́ sínú òru láìlọ sílé ni. Bó bá ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, bákan náà ni, aago 6 tó yẹ kó lọ sùn ni iṣẹ́ mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀. Pààrọ̀ méjì-méjì máa ń dára lójú àwọn tó ń ṣe é, torí ọjọ́ tí wọ́n fún ara wọn nìkan ni wọ́n ń wò.

Káyọ̀dé:
Mo ti wò ó. Ọ̀sán Ọjọ́ Ajé ni Ṣẹ́gun ní ṣáájú rẹ̀, kò sì ní nǹkan kan lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Màá lo "mọ́jú" àti "dípò". Ṣùgbọ́n Alàgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bínú sí mi nítorí ìyíká-ojúṣe lẹ tún kọ "rósítà" lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ibẹ̀ la máa fi èdè wa sí?

Alàgbà Akínwùmí:
Rósítà ni àwọn tó máa kà á ń pè é. Kò sẹ́ni tí yóò fi rósítà pe nǹkan mìíràn. Bí o bá fẹ́ Yorùbá ponbele, kọ "àtẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀". Orí àtẹ la ti ń rí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà.

Fẹ́mi:
"Àtòjọ iṣẹ́" ló yẹ. Ọjọ́ àti orúkọ la tò jọ, kì í ṣe ọjà la pàtẹ. Ẹ tún wo à- tó wà níwájú rẹ̀, àbájáde ni, bí mo ṣe sọ.

Alàgbà Akínwùmí:
Àtòjọ kì í ní ìlà àti òpó. Orúkọ tó tẹ̀ léra wọn ni àtòjọ. Rósítà Káyọ̀dé ní ọjọ́ méje lókè, ṣíìfù mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé o ti rí àtòjọ tó rí bẹ́ẹ̀?

Bàbá Adéoyè:
Akínwùmí, mi ò tíì gbà fún ọ lórí àáró. Màá bi àwọn àgbà tó ṣẹ́kù, màá padà wá.

Ìyá Ìbejì:
Ṣé Bísí kò lọ síbì kankan mọ́ nìyẹn?