Kí la ó pe ìpààrọ̀ ọ̀rọ̀ ojú pátákó inú fọ́tò?

Olùtúmọ̀: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé ọmọdé kan fẹ́ pa ONIGBAJAMỌ dà sí ONIDIRI lára pátákó ṣọ́ọ̀bù inú fọ́tò, kó má hàn rárá. Mo ń túmọ̀ ìlànà iṣẹ́ náà. Kí ni ká pe bí pátákó ṣe ń kéré lọ sí ọ̀ọ́kán, àti bí ọ̀dà rẹ̀ ṣe gbó?

Akọ́mọlédè: "Ìdagẹ̀rẹ̀" ti tó. Pátákó dagẹ̀rẹ̀, kí lẹ́tà náà dagẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé-pátákó: Ẹ̀gbọ́n, kò gbé e tán. Ohun tó dagẹ̀rẹ̀ kàn fì sápá kan ni, gíga rẹ̀ kò yí padà. Nínú fọ́tò tí a yà láti ẹ̀gbẹ́, O tó wà nítòsí ga ju I tó gbẹ̀yìn lọ. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gbọọrọ, kí n tó fi irinṣẹ́ `Perspective` fa igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, mo ń fa ìlà gba orí àwọn lẹ́tà, òmíràn gba ìsàlẹ̀ wọn. Ibi tí etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ pátákó bá ti pàdé tí a bá fà wọ́n gùn, níbẹ̀ ni ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ ti pàdé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú yóò rí i pé a lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn ni. "Ìsúnkì-ọ̀ọ́kán" ni mo ń pè é.

Ní ti gbígbó, ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Dúdú tó ti ṣá kì í ṣe dúdú mọ́, ara G àtijọ́ ni mo ti ń mú àwọ̀. Níbi tí ọ̀dà bá ti bó, kí lẹ́tà tuntun já níbẹ̀, kí páànù hàn. Ìpẹtà ń ṣàn kọjá lórí lẹ́tà, nítorí náà òun ló ń wà lókè pátápátá, ní `Multiply`, tí í pa funfun rẹ́, tí í fi ibi tó dúdú sílẹ̀.

Òǹtẹ̀wé: Nígbà tí ìyá mi pa iṣẹ́ dà, ọ̀dà funfun la fi kun pátákó wọn, a sì kọ tuntun lé e. Ṣé ìyẹn kò yá jù?

Olùtúmọ̀: Ẹ ṣeun, sà. Fọ́tò nìkan ló wà lọ́wọ́ wa, a ò ní pátákó náà. Fọ́ńtì wo ló wá bá a mu?

Akọ̀wé-pátákó: Má lo fọ́ńtì, ọwọ́ ló kọ ọ́. O, N àti I ti wà nílẹ̀. Ọ̀pá I àti ìdajì ọ̀tún O yóò di D. Ọ̀pá B, orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún A yóò di R. I mẹ́ta lo nílò, ọ̀kan ló sì wà, nítorí náà mú ọ̀pá N àti ti B fún méjì yòókù. Bí I mẹ́ta bá bó síbi kan náà, àṣírí ti tú.

Akọ́mọlédè: Mo gba ìsúnkì-ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n ONÍDÌRÍ ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú àmì ohùn.

Akọ̀wé-pátákó: Ẹni tó kọ pátákó yìí kò fi àmì ohùn sí i. Bí tuntun bá ní, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Akọ́mọlédè: Ọmọ tó ń kọ́ ìwé ni yóò kà á. Lórí èyí, mi ò gbà.